Táìsì mélòó ni pálọ̀ máa gbà? Bí a ṣe ń kà á ní títọ́ àti ní dáyámọ́ńdì

Páálí 11 ni wọ́n ti rà sílẹ̀ kí n tó dé ilé Màmá ní Parakin, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Èkó ló ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ gígùn pálọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀, ó fi ojú táìsì kan pín in, ó sì fi owó ránṣẹ́. Ìṣirò yẹn kò ní àṣìṣe kankan. Síbẹ̀, nígbà tí mo ta okùn mi sílẹ̀ tán, mo rí i pé táìsì 44 tó wà nílẹ̀ kò lè tó. Ó kù sí i ní 7.

Màmá wo ojú mi, wọ́n wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé pálọ̀ mi ló tún fẹ̀ sí i ni?"

Pálọ̀ kò fẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni pé táìsì kì í ṣe omi tí èèyàn ń dà sílẹ̀ tó máa fúnra rẹ̀ ṣàn dé gbogbo igun. Odindi odindi ló ń wá. Bí a bá gé e, èyí tó kù lọ́wọ́ wa lè wúlò níbòmíì, ó sì lè di pàǹtí. Ìṣirò gígùn àti fífẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó máa rà gbọ́dọ̀ ka táìsì bí wọ́n ṣe máa jókòó sílẹ̀ gan-an. Pálọ̀ Màmá ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wọn yàrá lẹ́yìn pílásítà

Àwa bírìkìlà máa ń pe yàrá ní "fíìtì 14 sí 12", ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Ìwọ̀n orí pépà nìyẹn, kí ọwọ́ ẹni tó to búlọ́ọ̀kù tó yẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì tó fi pílásítà sí ara ògiri. Ìgbà tí pílásítà bá gbẹ tán ni kí ẹ gbé téèpù, sẹ̀ǹtímítà sì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe táìsì.

Ẹ wọn gígùn níbi mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, àárín, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fífẹ̀ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ní ti Màmá, gígùn rẹ̀ jẹ́ 427, 428 àti 428, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 355, 354 àti 355. Mo kọ 428 àti 355.

Lẹ́yìn náà, ẹ na téèpù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí ẹ tún na án láti igun kejì. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, igun yàrá náà tọ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà táìsì tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa fẹ̀ lápá kan, á sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lápá kejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò lè fi ìwọ̀n kan gé gbogbo rẹ̀, gígé tó bàjẹ́ sì máa pọ̀ sí i. Ti Màmá jẹ́ 556 àti 557, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ má gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ilẹ̀kùn ń dúró sí wà nínú ògiri, kò sí nínú 428 tàbí 355 tí a wọ̀n. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ni wọ́n fi kọ́ ilé Màmá, nítorí náà mo ní ibì kan tó fẹ̀ ní 90 tó sì jin ní 23 láti lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ibẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ ka ohun tó wà lára páálí

Táìsì 60 sí 60 ni Màmá rà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń kó 4 sínú páálí kan, ẹ sì máa rí 1.44 m² lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táìsì mẹ́rin náà máa bo mítà sukúéà 1.44, ìyẹn 0.36 fún táìsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tó ń kó 3, tí wọ́n kọ 1.08 m² sára wọn. Ẹ má fi ti ilé aládùúgbò ṣe ìṣirò tiyín. Ẹ yí páálí náà, kí ẹ kà á.

Ìṣirò ọmọ Màmá nìyí: 4.28 × 3.55 jẹ́ 15.19. Ẹ fi 0.36 pín in, ẹ máa rí 42.2, ìyẹn táìsì 43. Táìsì 43 jẹ́ páálí 11. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, torí a máa padà sí i.

Lílẹ̀ ní títọ́: ẹ ka ìlà, ẹ má ka ilẹ̀

Láàárín táìsì kan sí èkejì, mo máa ń fi àyè mílímítà 3 sílẹ̀ fún sìmẹ́ńtì funfun. Nítorí náà, táìsì 60 ń jẹ 60.3 nílẹ̀. Ẹ fi 60.3 pín gígùn, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Ní 428, táìsì 7 jẹ 422, ó ṣẹ́ ku nǹkan bíi 6. Ní 355, táìsì 5 jẹ 301.5, ó ṣẹ́ ku 53.5. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára: táìsì odindi láti ẹnu ọ̀nà wọlé, kí a gé díẹ̀ kúrò lára ìlà tó bá ògiri fèrèsé. Ẹni tó bá wọlé kò ní mọ̀ pé a gé nǹkan kan.

Sẹ̀ǹtímítà 6 yẹn ni wàhálà. Bí mo bá to táìsì 7 odindi láti ògiri kan, mo máa ní láti fi ìrẹ́ tín-ín-rín tó fẹ̀ ní 6 dí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìrẹ́ báyìí máa ń sán nígbà tí a bá ń gé e. Bí kò bá sán nígbà yẹn, ẹsẹ̀ àga á fọ́ ọ nígbà tó bá yá, ojú tó sì mọ iṣẹ́ máa rí i láti ẹnu ọ̀nà. Síkátìn, ìyẹn táìsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, kò lè bò ó, torí síkátìn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Àmọ́ ó rọ̀ jọ̀ọ̀ ní ti iye! Táìsì kan ṣoṣo lè pèsè gbogbo ìrẹ́ 6 tí a nílò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ á ṣe jẹ́ 42 àti 1, ìyẹn 43. Ẹ rí i pé ìṣirò orí fóònù bá ọ̀nà tó burú jù lọ mu wẹ́kú.

Òfin tí mo ń tẹ̀lé ni pé bí ohun tó ṣẹ́ kù bá kéré sí ìdá mẹ́ta táìsì, mo máa yọ táìsì odindi kan kúrò nínú ìlà, kí n pín àyè tó bá ṣí sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, táìsì 6 odindi ló wà láàárín, wọ́n jẹ 362 pẹ̀lú àwọn àyè wọn, ó ṣẹ́ ku 66. Ìyẹn jẹ́ 33 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ́wà, ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Ẹ wá wo ibi tí táìsì ti ń lọ. Ṣé a lè gé 33 méjì lára táìsì kan? Rárá. 33 àti 33 jẹ́ 66, táìsì kò sì ju 60 lọ. Nítorí sẹ̀ǹtímítà 6 péré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa jẹ odindi táìsì tirẹ̀. Ìlà 8 ní gígùn, ìlà 6 ní fífẹ̀: 8 × 6 jẹ́ 48. Ìyàtọ̀ láàárín 43 àti 48 kì í ṣe ìfiṣòfò ọwọ́ bírìkìlà. Ilẹ̀ náà ló bèèrè fún un.

Àjẹkù tó kù lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bíi 27, ó sì gùn ní 60. Méjìlá ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kó wọn dà sẹ́yìn ilé o. Méjì tó wà nígun, tí wọ́n gùn ní 53, ni mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn: 45 àti 45 ló fún mi ní 90. Mẹ́wàá tó kù, mo la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì tó fẹ̀ ní 10, mo sì rí síkátìn 20. Yíká pálọ̀ náà, tí a bá yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, jẹ́ mítà 14.76, ìyẹn síkátìn 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 60. Ó ku 5, táìsì kan sì ń fúnni ní 6.

Àpapọ̀ rẹ̀ ni 48 fún ilẹ̀, 1 fún síkátìn, 2 fún èyí tó bá fọ́. Ó jẹ́ 51, páálí 13.

Ṣé kí a kàn fi ìdá mẹ́wàá lé e?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ní ìsọ̀ ni pé kí ẹ fi ìdá 10 nínú 100 lé ìwọ̀n ilẹ̀ fún gígé. Ní pálọ̀ Màmá, 15.19 á di 16.71, ìyẹn páálí 12, táìsì 48. Ó fẹ́ jọ pé ó bá kíkà mi mu, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ ni. Bí mo bá ra 12, táìsì kan ṣoṣo tó bá fọ́ ti dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ gbé yàrá míì yẹ̀ wò, tó gùn ní 423 tó fẹ̀ ní 362. Ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.31, ó ju ti Màmá lọ díẹ̀. Àmọ́ táìsì 7 wọ gígùn rẹ̀ láìgé, 6 sì wọ fífẹ̀ rẹ̀ láìgé. Táìsì 42 péré ni ilẹ̀ rẹ̀ máa gbà. Yàrá tó tóbi jù gba táìsì tó dín ní 6! Ìdá mẹ́wàá kò rí ìyàtọ̀ yìí, torí ilẹ̀ nìkan ló ń wò, kò wo etí ògiri.

Mo ṣì ń lo ìdá mẹ́wàá nígbà tí ẹnì kan bá pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ mọ iye owó tí òun máa fi sílẹ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ rírà, mo máa ń kà á.

Dáyámọ́ńdì: ìdajì ni gbogbo ọ̀rọ̀

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ló di pé ọmọ Màmá pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe bá wa lẹ̀ ẹ́ ní dáyámọ́ńdì? Ó máa ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀ lójú." Òótọ́ ló sọ. Ifẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sí. Àpáàdì tí wọ́n hú jáde lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí, tí wọ́n tò lóròó lóròó, omíràn ní kọ́lọkọ̀lọ bí eegun ẹja, ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn sì fi í sọrí Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Àmọ́ àpáàdì ni tiwọn, ohun tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Wọn kò ní ìṣòro pé kí ni wọn máa fi àjẹkù ṣe.

Nínú dáyámọ́ńdì, táìsì ń dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, táìsì 60 jẹ́ 85 pẹ̀lú àyè rẹ̀. Ìdajì ìyẹn jẹ́ 42.6, nọ́ńbà tí ẹ máa fi ṣe gbogbo ìṣirò nìyẹn. Fún táìsì 40 sí 40, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 28.5.

Ẹ fi 42.6 pín gígùn àti fífẹ̀. 428 fúnni ní 10, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, síkátìn máa bo ìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. 355 fúnni ní 8, ó ṣẹ́ ku 14.

Ẹ wá mú ìwé gíráàfù tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò, èyí tó ní àpótí kéékèèké. Ẹ jẹ́ kí àpótí kan dúró fún 42.6. Ẹ ya yàrá náà ní àpótí 10 ní gígùn, 8 àti ìdá mẹ́ta kan ní fífẹ̀. Orí ibi tí ìlà méjì ti pàdé ni àárín táìsì máa wà, ṣùgbọ́n ẹ máa fo ọ̀kan kí ẹ tó mú èkejì, bí a ṣe ń fò ó nínú dráfù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun ògiri ẹnu ọ̀nà. Ní àyíká àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ ya onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tí ṣóńṣó rẹ̀ dé àpótí kan sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹ lo pẹ́ńsù, torí ẹ máa pa á rẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹ bá yà á tán, ẹ máa rí oríṣi mẹ́rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ sì kà wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni odindi, èyí tí ògiri kò kàn rárá. Ní pálọ̀ Màmá, 32 ni.

Èkejì ni ìdajì. Onígun mẹ́ta tí ògiri gé láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó gẹ́lẹ́ ni. Mẹ́ta wà ní ògiri òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, méjì sì wà ní igun méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Méjì méjì ni táìsì kan ń fúnni, nítorí náà táìsì 6. Ìdá mẹ́rin méjì tún wà ní igun ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, táìsì kan á pèsè méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni mo ń pè ní àjù-ìdajì. Ní ògiri fèrèsé, sẹ̀ǹtímítà 14 tó ṣẹ́ kù mú kí ògiri kọjá àárín táìsì. Ẹyọ tó bá wà níbẹ̀ ju ìdajì lọ, ìdajì kò lè dí i, odindi táìsì la máa gé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì jẹ táìsì 4.

Ẹ̀kẹrin ni ṣóńṣó kéékèèké tó jin ní 14 láàárín àwọn àjù-ìdajì. Márùn-ún ni. Ẹ má ra táìsì fún wọn. Orí tí a gé kúrò lára àwọn àjù-ìdajì ní igun tó tọ́ láti ilé iṣẹ́ wá, ẹ tún un gé sí 14, ó ti di ṣóńṣó. Mẹ́rin ti jáde níbẹ̀, èkarùn-ún á jáde lára àjẹkù tó bá kù ní igun.

32, 6, 1 àti 4 jẹ́ 43.

Ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú nọ́ńbà yìí, torí gbogbo wa la mọ̀ pé dáyámọ́ńdì ń jẹ táìsì ju títọ́ lọ. Àmọ́ ibi tó ti ń jẹ ẹ́ yàtọ̀ sí ibi tí a ń wò. Kì í sábà jẹ́ lórí ilẹ̀. Ibi mẹ́ta míì ló wà.

Ìkínní ni síkátìn. Àjẹkù dáyámọ́ńdì jẹ́ onígun mẹ́ta, a ò lè la síkátìn tó gùn ní 60 lára rẹ̀. Síkátìn 25 máa jẹ táìsì 5 tuntun, abẹ́ ilẹ̀kùn máa jẹ 1. 43 ti di 49.

Ìkejì ni fífọ́. Gígé láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó gùn ní 85, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì rí ṣóńṣó, ibẹ̀ ló máa ń sán. Mo máa ń fi 3 sí i dípò 2. Ó di 52, páálí 13, bí ti títọ́ gẹ́lẹ́.

Ìkẹta ló tóbi jù: bí ẹni tó ń gé e kò bá so ìdajì pọ̀. Mo ti rí ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti gé ìdajì kan lára táìsì, tó ju èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún mú táìsì tuntun. Bí ìdajì, ìdá mẹ́rin àti ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ odindi tirẹ̀ ní pálọ̀ yìí, 43 á di 55. Ẹ fi síkátìn, ẹnu ọ̀nà àti fífọ́ kún un, ó di 64, páálí 16. Páálí 13 àti páálí 16, yàrá kan náà, táìsì kan náà. Ìdá 15 sí 20 nínú 100 tí àwọn èèyàn máa ń fi lé dáyámọ́ńdì bọ́ sí agbede-méjì 43 àti 55 ti ilẹ̀ nìkan. Ó jẹ́ iye fún ẹni tí kò mọ irú ọwọ́ tó máa gé e.

Ó tún ku ohun kan. Bí táìsì bá ní iṣan tó ń lọ sápá kan ṣoṣo, tí òkè rẹ̀ yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ìdajì tí a gé kúrò lápá òkè kò lè lọ sápá ìsàlẹ̀ láìyí i po, bí a bá sì yí i po, iṣan rẹ̀ á dojú kọ ibòmíì. Ti ògiri òsì àti ọ̀tún kò ní wàhálà, torí apá òsì àti apá ọ̀tún táìsì kan náà ló ń lọ síbẹ̀ láìyí. Mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló máa jẹ odindi mẹ́rin dípò méjì. Táìsì Màmá ní irú iṣan yẹn. Ìyẹn sọ 52 di 54, páálí 14.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó yà á bóyá dáyámọ́ńdì máa bá yàrá yín lára mu, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá fi 42.6 pín in. Bí ó bá kéré tó pé síkátìn lè bò ó, ìdajì máa bọ́ síbẹ̀. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ẹ ti wọ àjù-ìdajì. Ká ní pálọ̀ Màmá gùn ní 440 dípò 428, tí a sì pín ohun tó ṣẹ́ kù sí ògiri òsì àti ọ̀tún, táìsì tó máa gbà fún ilẹ̀ á ti di 47, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó fi kún un kò ju táìsì kan lọ dáadáa. Sẹ̀ǹtímítà 12 jẹ táìsì 4.

Ọjọ́ rírà

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lára páálí, yàtọ̀ sí orúkọ àti ìwọ̀n, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n sun táìsì náà àti bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ jẹ́ kó bá ara wọn mu lórí gbogbo páálí kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Táìsì tí wọ́n sun lọ́tọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ ní àwọ̀, ó sì lè fi mílímítà kan tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ kò ní rí i nínú ìsọ̀. Ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ni ẹ máa rí i.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Màmá ní títọ́ ni kí n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rán ènìyàn lọ ra páálí 2 sí i níbi tí wọ́n ti ra 11. Nọ́ńbà tàkọ́kọ́ ti tán. Mo to ọ̀kan tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan àtijọ́ níta nínú oòrùn: tuntun ràn díẹ̀ sí àwọ̀ ìyẹ̀fun. A wọn méjèèjì, wọ́n dọ́gba, ìyẹn ló kó wa yọ.

Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo tún kà á. Ìlà 8 ló wà ní gígùn, ìlà kọ̀ọ̀kan ní 6. Ìlà 7 jẹ 42 nínú 44 àtijọ́, ó ku 2 fún èyí tó bá fọ́. Ìlà kẹjọ, tó fẹ̀ ní 33 péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àga oníjókòó mẹ́ta máa jókòó sí, ni mo fi 6 tuntun lẹ̀. Ọ̀kan lọ sí síkátìn lẹ́yìn àga náà. Ẹ̀kẹjọ ni mo fi bébà wé, mo sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá.

Nígbà tí wọ́n gbé àga wọlé, Màmá dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Níbo lo fi ti òní sí?" Mo nawọ́ sí abẹ́ àga. Wọ́n lọ jókòó sórí rẹ̀.